Láti Inú Síìtì Excel Dé Orí Kẹrin: Ìbéèrè Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Máa Ń Bi Mí Jù Nípa Àtẹ àti Àlàyé Èsì Ìwádìí

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá wọn ní Adó, Ìkẹ̀rẹ́ àti Ọ̀yẹ́ ló ń mú àwọn ìbéèrè wọ̀nyí wá lọ́dọọdún. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni mo fi dáhùn gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan pín ìwé ìbéèrè 120 fún àwọn oníṣòwò ní ọjà ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí láti mọ̀ bóyá wọ́n ń gba owó ọjà nípa tíráńsífà. Ìbéèrè ìwádìí rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin: mélòó nínú wọn ló ń gbà á? Kí ni èrò wọn nípa rẹ̀? Kí ló ń dí àwọn tí kò gbà á lọ́wọ́? Ǹjẹ́ ọjọ́ orí tàbí ìlú ní í ṣe pẹ̀lú gbígbà á? Èmi ni mo ṣe àwọn nọ́ńbà inú àpẹẹrẹ náà fún àlàyé. Kì í ṣe èsì ìwádìí ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹ má tọ́ka sí wọn nínú iṣẹ́ yín.

Báwo ni síìtì mi ṣe gbọ́dọ̀ rí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan kan?

Ẹnì kan, ìlà kan. Ìbéèrè kan, òpó kan. Òpó àkọ́kọ́ ni ti nọ́ńbà tí ẹ fi bírò kọ sórí ìwé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, láti 001 lọ, kí ẹ lè padà sídìí ìwé náà nígbà tí nǹkan kan bá rú yín lójú. Ẹ fi síìtì tí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ pamọ́, kí ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Ohun méjì ló máa ń ba síìtì jẹ́ jù. Èkíní ni ìlú kan náà tí a kọ ní oríṣiríṣi ọ̀nà: "Ado", "Ado-Ekiti", àti "Ado" tó ní àlàfo lẹ́yìn. Lójú Excel, ìlú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Òpó B ni ìlú wà nínú àpẹẹrẹ wa; iṣẹ́ `=TRIM(B2)` ni láti gé àlàfo tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ọ̀rọ̀; àwọn yòókù, ẹ fi Find & Replace sọ wọ́n di ọ̀kan.

Èkejì fara sin ju ìyẹn lọ. Bí ẹ bá béèrè iye ọdún tí ènìyàn ti wà lẹ́nu òwò, tí ẹ sì tẹ "1-5" sínú àpótí, Excel á rò pé déètì ni, á sọ ọ́ di 05-Jan tàbí 01-May láìbi yín. Ẹ sọ òpó náà di Text kí ẹ tó tẹ ohunkóhun sínú rẹ̀. Bí ó bá ti di déètì tán, ẹ lọ tún un tẹ̀ láti inú ìwé, torí pé bí ẹ bá sọ ọ́ di Text lẹ́yìn náà, nọ́ńbà gbọọrọ kan tí kò jọ nǹkan kan ló máa jáde.

Ìwé 120 ni mo pín, 112 ló padà, 108 ni mo lò. Èwo ni kí n fi máa pín?

Èyí tí ẹ lò, ìyẹn 108. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ibi tí 12 tó kù wọlẹ̀ sí, kí òǹkàwé má bàa ṣe kàyéfì. Nínú àpẹẹrẹ wa, mẹ́jọ kò padà, mẹ́rin sì padà láìkún tó ìdajì, a sì yọ wọ́n. Ohun tó yẹ kó ṣáájú gbogbo àtẹ yòókù nìyí:

Àtẹ 4.1: Ìwé ìbéèrè tí a pín, tó padà, àti èyí tí a lò, ní ìlú kọ̀ọ̀kan

| Ìlú | A pín | Ó padà | A lò | % nínú èyí tí a lò |
|---|---|---|---|---|
| Adó | 50 | 46 | 44 | 40.7 |
| Ìkẹ̀rẹ́ | 40 | 37 | 36 | 33.3 |
| Ọ̀yẹ́ | 30 | 29 | 28 | 25.9 |
| Àpapọ̀ | 120 | 112 | 108 | 99.9 |

Ẹ kọ òfin tí ẹ fi yọ ìwé mẹ́rin náà sílẹ̀ kedere, kí ẹ sì ti pinnu òfin yẹn kí ẹ tó wo ìdáhùn inú wọn. Ẹni tó bá wo ìdáhùn tán kó tó yọ ìwé, ó ti ń yan èsì tí ó wù ú.

Kí ló dé tí àpapọ̀ mi fi jẹ́ 99.9? Ṣé kí n fi 0.1 kún un níbì kan?

Rárá o. Ìsúnmọ́ ló fà á: 40.74 di 40.7, 33.33 di 33.3, 25.93 di 25.9. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ kọ gbólóhùn kan sábẹ́ àtẹ pé àpapọ̀ lè má pé 100 nítorí ìsúnmọ́. Bí ẹ bá fi ọwọ́ sọ 25.9 di 26.0, ẹni tó bá fi kákúlétọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò á rí i, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ gbogbo nọ́ńbà yín wò.

Bí àpapọ̀ bá jẹ́ 97 tàbí 103, ìyẹn kì í ṣe ìsúnmọ́. Ẹnì kan ti sọnù, tàbí a ti ka ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì.

Báwo ni mo ṣe máa ka ìdáhùn láìjẹ́ pé mò ń fi ìka kà á lójú síìtì?

Àwọn oníṣòwò 108 wa wà láti ìlà 2 dé ìlà 109. Òpó C ni ọjọ́ orí, òpó D sì ni bóyá wọ́n ń gba tíráńsífà:

```
=COUNTIF(D2:D109,"Yes")
=COUNTIFS(C2:C109,"50+",D2:D109,"Yes")
=COUNTBLANK(C2:C109)
```

Ti àkọ́kọ́ ń ka gbogbo ẹni tó ń gbà á. Èkejì ń ka àwọn ẹni 50 ọdún sókè tó ń gbà á. Ẹ̀kẹta ń ka àpótí tó ṣófo. Ẹ má fojú fo ẹ̀kẹta yẹn dá.

PivotTable náà dára, ó sì yá ju èyí lọ tí ìbéèrè bá pọ̀. Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ ṣá. Bí ẹ bá gbé ọjọ́ orí sí Rows, tí ẹ tún gbé ọjọ́ orí náà sí Values, kò ní ka àwọn tí kò dáhùn, àpapọ̀ yín á sì dín láìsí ìkìlọ̀. Nọ́ńbà ìwé ìbéèrè, tó wà ní òpó àkọ́kọ́, ni kí ẹ gbé sí Values, kí ẹ yàn án sí Count. Gbogbo ènìyàn ló ní nọ́ńbà, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa sọnù.

Àwọn mẹ́ta kò kọ ọjọ́ orí wọn. Ṣé kí n yọ wọ́n kúrò pátápátá?

Ẹ má yọ wọ́n. Wọ́n dáhùn àwọn ìbéèrè yòókù, ìdáhùn wọn sì wúlò níbẹ̀. Nínú àtẹ ọjọ́ orí nìkan ni ẹ ó ti fi 105 pín dípò 108, ẹ ó sì sọ ọ́ jáde.

Àtẹ 4.2: Ọjọ́ orí àwọn olùdáhùn (n = 105)

| Ọjọ́ orí | Iye | % |
|---|---|---|
| Kò tó 30 | 21 | 20.0 |
| 30–39 | 34 | 32.4 |
| 40–49 | 31 | 29.5 |
| 50 sókè | 19 | 18.1 |
| Àpapọ̀ | 105 | 100.0 |

Lábẹ́ rẹ̀: "Àwọn mẹ́ta kò sọ ọjọ́ orí wọn." Ó parí. Ohun tí kò dára ni kí ẹ fi 108 pín nínú àtẹ kan, kí ẹ fi 105 pín nínú òmíràn, kí ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ yín pé kí "n =" máa wà lójú àkọlé gbogbo àtẹ tí iye rẹ̀ bá yàtọ̀ sí 108.

Ṣé bí ìwé ìbéèrè ṣe tò ni àtẹ ṣe gbọ́dọ̀ tò?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ Orí Kẹrin ti máa ń dojú rú. Bí ó ṣe máa rọrùn fún ẹni tó ń dáhùn ni a ṣe to ìwé ìbéèrè: a fi ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ ṣíwájú, a fi èyí tó le sẹ́yìn, ìgbà mìíràn a sì fọ́n àwọn ìbéèrè tó jọra ká kí ènìyàn má bàa kàn máa fa ìlà kan náà. Òǹkàwé iṣẹ́ yín kò sí nínú ìyẹn. Ohun tó ń dúró dè ni ìdáhùn sí ìbéèrè tí ẹ kọ sínú Orí Kìíní. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn ni kí àtẹ tẹ̀ lé, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra níbẹ̀.

Ọ̀nà tí mo máa ń gbà nìyí. Ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ ìbéèrè ìwádìí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí apá òsì. Níwájú ìkọ̀ọ̀kan, ẹ kọ òpó síìtì tó dá a lóhùn. Fún àpẹẹrẹ wa, ìbéèrè kìíní gba òpó D. Èkejì gba òpó F títí dé J, ìyẹn àwọn gbólóhùn èrò. Ẹ̀kẹta gba òpó E, níbi tí wọ́n ti sọ ìdí. Ẹ̀kẹrin gba òpó D pẹ̀lú C, lẹ́yìn náà D pẹ̀lú B. Bí ìbéèrè kan kò bá ní òpó kankan níwájú rẹ̀, ẹ lọ bá sùpáfáísọ̀ yín lọ́jọ́ yẹn, kó tó di pé ẹ kọ lẹ́tà kan. Bí òpó kan kò bá sì bá ìbéèrè kankan mu, kò gbọ́dọ̀ ní àtẹ. Mo ti rí iṣẹ́ tó ní àtẹ lórí ẹ̀sìn, ìdílé àti iye ọmọ, tí kò sí ìbéèrè ìwádìí kan tó nílò ọ̀kankan nínú wọn.

Bí àtẹ ṣe máa tò nìyí: 4.1 ìwé tí a lò; 4.2 ọjọ́ orí, 4.3 iye àwọn tó ń gba tíráńsífà, 4.4 èrò wọn, 4.5 ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́, 4.6 ọjọ́ orí àti gbígbà á, 4.7 ìlú àti gbígbà á. Ẹ wò ó pé a kọ́kọ́ sọ àwọn tó dáhùn, lẹ́yìn náà iye wọn, lẹ́yìn náà èrò àti ìdí, kó tó kan ohun méjì tí a fi wéra. Bí ẹ bá gbé 4.6 ṣíwájú 4.3, ẹ ń bá òǹkàwé sọ ìyàtọ̀ láàárín àgbà àti ọ̀dọ́ lórí ohun tí kò tíì mọ bí ó ṣe pọ̀ tó.

Kí ni nọ́ńbà 4.3 túmọ̀ sí gan-an, ibo sì ni àkọlé ń gbé?

Orí kẹrin, àtẹ kẹta. Òkè àtẹ ni àkọlé ń wà. Ìsàlẹ̀ ni orísun àti àkíyèsí ń wà. Àkọlé gbọ́dọ̀ dá dúró: ẹni tó ṣí ìwé sí ojú ewé yẹn nìkan gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a kà àti iye ènìyàn. "Ìbéèrè 7" kì í ṣe àkọlé. Kí àlàyé sì dárúkọ àtẹ kí òǹkàwé tó débẹ̀: gbólóhùn tó ní "Àtẹ 4.3" níwájú, àtẹ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn.

Nínú Word, ẹ má fi ọwọ́ tẹ nọ́ńbà. Insert Caption, lábẹ́ References, ni kí ẹ fi tẹ àkọlé, kí ẹ sì fi Cross-reference dárúkọ rẹ̀ nínú àlàyé. Nígbà tí sùpáfáísọ̀ bá ní kí ẹ yọ àtẹ kan, ẹ tẹ Ctrl+A, lẹ́yìn náà F9, gbogbo nọ́ńbà á tún ara wọn ṣe. Ẹni tó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ló máa ń ní àtẹ 4.5 méjì.

Kí ni kí n kọ nípa àtẹ kan? Ṣé kí n ka gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i?

Àtẹ ti sọ nọ́ńbà. Iṣẹ́ àlàyé ni láti sọ ohun tí wọ́n gbé jáde. Ẹ wo èyí, tí mo ń rí lójoojúmọ́: "Àtẹ 4.2 fi hàn pé 21 (20.0%) kò tó 30 ọdún, 34 (32.4%) wà láàárín 30 sí 39, 31 (29.5%) wà láàárín 40 sí 49, 19 (18.1%) jẹ́ 50 sókè." Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí òǹkàwé kò ti rí. Ẹ fi èyí rọ́pò rẹ̀: "Ó lé díẹ̀ ní ìdajì àwọn tó sọ ọjọ́ orí wọn (52.4%) tí kò tíì pé 40 ọdún, àwọn ẹni 50 sókè ló kéré jù (Àtẹ 4.2)." A ti da ìlà méjì pọ̀, 21 àti 34 nínú 105, a sì ti fún òǹkàwé ní ohun kan tó máa rántí.

Fún àtẹ tó dáhùn ìbéèrè ìwádìí, gbólóhùn mẹ́ta sí márùn-ún tó. Ẹ fi ìdáhùn síwájú, kí ẹ gbé nọ́ńbà tó dì í mú tẹ̀ lé e, kí ẹ wá dárúkọ ohun tó yàtọ̀ bí ó bá wà. Fún ìbéèrè kìíní: "Mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn oníṣòwò náà ló ń gba tíráńsífà (81 nínú 108, 75.0%), gẹ́gẹ́ bí Àtẹ 4.3 ṣe fi hàn." Bí ìbéèrè ìwádìí bá béèrè "mélòó", kí gbólóhùn àkọ́kọ́ sọ iye náà. Ẹ má fi "Àtẹ tó wà lókè yìí ń ṣàlàyé nípa" bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ gbólóhùn yẹn kò kan ilẹ̀.

Yálà èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀ka yín ní kí ẹ fi kọ ọ́ ni o, tàbí Yorùbá, ètò yìí kò yí padà. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni ẹ ń ròyìn, nítorí náà ẹ kọ ọ́ bí ohun tó ti kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Sùpáfáísọ̀ mi ní kí n ya àwòrán fún àtẹ kọ̀ọ̀kan. Ṣé ó pọn dandan?

Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe é. Bí ó bá fi í sílẹ̀ fún yín, ẹ yan ọ̀kan nínú méjèèjì fún èsì kan. Ibi tí àwòrán ti wúlò jù nínú àpẹẹrẹ wa ni ọjọ́ orí àti gbígba tíráńsífà, nítorí pé ojú á rí i bí ó ṣe ń lọ sílẹ̀ láti ọ̀dọ́ dé àgbà.

Ènìyàn kan mú ìdí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Báwo ni kí n ṣe kà á?

Nígbà tí a bá fi Google Forms ṣe ìbéèrè tó gba ìdáhùn ju ẹyọ kan lọ, gbogbo ohun tí ẹnì kan mú á kóra jọ sínú àpótí kan, kọ́mà á sì wà láàárín wọn. Ẹ ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan níbikíbi tó bá wà nínú àpótí náà:

```
=COUNTIF(E2:E109,"*alert*")
=COUNTIF(E2:E109,"*network*")
```

Àwọn 27 tí kò gba tíráńsífà ni a bi. Ogún nínú wọn mẹ́nu ba álááàtì ayédèrú, 18 mẹ́nu ba nẹ́tíwọ̀kì tí kì í dúró, 11 sọ pé owó tí báńkì ń yọ pọ̀, mẹ́fà kò ní fóònù tàbí àkáǹtì tó bá a mu. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 55, ó sì ju 27 lọ. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

Ènìyàn 27 ni kí ẹ fi pín, kì í ṣe ìdáhùn 55: 74.1%, 66.7%, 40.7%, 22.2%. Ẹ má kọ ìlà "Àpapọ̀" sísàlẹ̀ irú àtẹ yìí. Àkíyèsí kan ló yẹ kó wà níbẹ̀: "Olùdáhùn lè mú ju ìdí kan lọ." Kí ẹ sì to ìdí láti èyí tó pọ̀ jù sí èyí tó kéré jù. Bí ó ṣe tò nínú ìwé ìbéèrè kò já mọ́ nǹkan kan mọ́.

Ìpíndọ́gba 2.50 ni gbogbo ènìyàn ń lò fún òṣùwọ̀n Líkàtì. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ṣé mo sì lè gbẹ́kẹ̀ lé e?

Nígbà tí ìdáhùn bá jẹ́ mẹ́rin, tí "mo gbà gan-an" jẹ́ 4, "mo gbà" 3, "n kò gbà" 2, "n kò gbà rárá" 1, àárín wọn ni (4+3+2+1) ÷ 4 = 2.50. Èyí tó bá lé sókè, a ka ọ̀pọ̀ sí ẹni tó gbà. Gbólóhùn àkọ́kọ́ wa ni "Tíráńsífà ń mú kí ọjà mi yá": 46, 41, 14 àti 7 ni ìdáhùn bí wọ́n ṣe tò láti 4 dé 1. Àpapọ̀ ààmì jẹ́ 184 + 123 + 28 + 7 = 342. Ẹ pín in sí 108, ó di 3.17. Ìwọ̀n bí ìdáhùn ṣe fọ́n ká, tí `=STDEV.S(F2:F109)` ń gbé jáde, jẹ́ 0.89. Ẹ kọ méjèèjì sínú àtẹ. Ẹ má sì fi 0 dí àpótí ẹni tí kò dáhùn: `AVERAGE` máa ń fo àpótí tó ṣófo, ṣùgbọ́n ó máa ń ka 0, ìpíndọ́gba yín á sì lọ sílẹ̀.

Gbólóhùn kejì ni "Ẹ̀rù álááàtì ayédèrú máa ń bà mí", ìpíndọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ 3.14. Òun náà lé ní 2.50, ṣùgbọ́n ohun búburú ni wọ́n gbà. Bí ẹ bá fẹ́ da gbogbo gbólóhùn pọ̀ sí ìpíndọ́gba kan tó ń sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ràn tíráńsífà tó, ẹ gbọ́dọ̀ yí irú èyí padà ná: 5 yọ ìdáhùn náà, kí 4 di 1, kí 3 di 2. Á di 1.86. Ẹni tí kò yí i padà á rí i pé àwọn oníṣòwò fẹ́ràn ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù.

Ibi tí 2.50 ti ń tan ènìyàn jẹ jù nìyí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé gbólóhùn kan gba 40, 14, 14, 40. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 2.50 gẹ́ẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ á sì kọ ọ́ pé "èrò wọn kò dá síbì kan." Irọ́ ni. Ọgọ́rin nínú 108 ló ní èrò tó le gan-an; ṣe ni ọjà pín sí méjì. Nítorí náà, ẹ fi iye ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àtẹ pẹ̀lú ìpíndọ́gba, kí ẹ sì wo iye náà kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan.

Nígbà tí mo bá fi ohun méjì wéra, ṣé ìdá ti ìlà ni mo máa kọ àbí ti òpó?

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé: àwọn wo ni mo ń fi wé ara wọn? Àwọn ni kí ẹ fi ṣe 100. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ orí ni a fẹ́ fi wéra, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ 100.

Àtẹ 4.6: Gbígba tíráńsífà ní ìbámu pẹ̀lú ọjọ́ orí (n = 105)

| Ọjọ́ orí | Ń gbà á | Kì í gbà á | Àpapọ̀ | % tó ń gbà á |
|---|---|---|---|---|
| Kò tó 30 | 19 | 2 | 21 | 90.5 |
| 30–39 | 29 | 5 | 34 | 85.3 |
| 40–49 | 22 | 9 | 31 | 71.0 |
| 50 sókè | 9 | 10 | 19 | 47.4 |
| Àpapọ̀ | 79 | 26 | 105 | 75.2 |

Bí ẹ bá gba ọ̀nà kejì, tí ẹ fi òpó ṣe 100 dípò ìlà, ẹ ó rí i pé nínú 79 tó ń gbà á, àwọn 30 sí 39 ló pọ̀ jù (29, ìyẹn 36.7%), ẹ ó sì kọ ọ́ pé àwọn ni wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ jù. Wọ́n kàn pọ̀ lọ́jà ni. Àwọn tí kò tó 30 ló ń gbà á jù.

Ẹ tún wo ìlà àwọn ẹni 50 sókè: 19 péré ni wọ́n. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá yí ìdáhùn rẹ̀ padà, ìdá náà á fi ju 5% yẹ̀. Ìdí nìyẹn tí "9 nínú 19" fi gbọ́dọ̀ bá 47.4% rìn nínú àlàyé.

Báwo ni mo ṣe ń ròyìn káì-síkúwéà, kí ni kí n sì ṣe sí p = 0.000?

Káì-síkúwéà ni ìdánwò tó ń wò bóyá ohun méjì ní í ṣe pẹ̀lú ara wọn. Fún Àtẹ 4.6, àbá tí a ń dán wò ni pé ọjọ́ orí àti gbígba tíráńsífà kò ní í ṣe pẹ̀lú ara wọn. Iye tí ẹ ó retí nínú àpótí kọ̀ọ̀kan bí àbá náà bá jẹ́ òótọ́ ni àpapọ̀ ìlà lọ́nà àpapọ̀ òpó, kí ẹ pín in sí àpapọ̀ gbogbo rẹ̀. Fún àwọn ẹni 50 sókè tí kì í gbà á, 19 × 26 ÷ 105 = 4.70. A rí 10. Àpótí yẹn nìkan ló mú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì èsì ìdánwò náà wá. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe ti àpótí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, `=CHISQ.TEST` á fún yín ní p, ìyẹn bí ó ṣe ṣeé ṣe tó kí a rí irú ìyàtọ̀ yìí tàbí èyí tó jù ú lọ bí àbá náà bá jẹ́ òótọ́. Ẹ kàn máa fún un ní iye tí ẹ rí àti iye tí ẹ retí, láìfi ìlà àti òpó àpapọ̀ kún un.

Bí a ṣe ń kọ ọ́ nìyí: "Ìdá àwọn tó ń gba tíráńsífà ń dín kù bí ọjọ́ orí ṣe ń pọ̀ sí i, láti 90.5% láàárín àwọn tí kò tó 30 dé 47.4% (9 nínú 19) láàárín àwọn ẹni 50 sókè (Àtẹ 4.6). Ìbátan náà hàn nínú ìdánwò, χ²(3) = 12.69, p = 0.005, nítorí náà a kò gba àbá náà." Ohun tí a rí lọ́jà ló ṣíwájú, ìdánwò tẹ̀ lé e. Ẹ má jẹ́ kí χ², ìyẹn ààmì káì-síkúwéà, jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu yín. Nọ́ńbà inú àkámọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwọ̀n òmìnira.

SPSS máa ń gbé .000 jáde nígbà tí p bá kéré ju ohun tí ojú ẹ̀rọ lè fi hàn. Kò túmọ̀ sí òdo. Ẹ kọ p < 0.001. Kí ẹ sì wo iye tí ẹ retí: bí ju ìdámárùn-ún àpótí lọ bá wà lábẹ́ 5, tàbí ọ̀kan bá wà lábẹ́ 1, ìdánwò náà kò ṣeé gbára lé, ẹ lọ da ẹgbẹ́ tó kéré pọ̀ mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Tiwa ní ẹyọ kan nínú mẹ́jọ tó wà lábẹ́ 5, ó sì ṣì dára.

Ibo ni mo ti lè sọ ìdí tí àwọn àgbà kò fi gbà á? Ṣé mo sì lè sọ pé "àwọn oníṣòwò Èkìtì"?

Ní ìjíròrò èsì, kì í ṣe lábẹ́ àtẹ. Lábẹ́ Àtẹ 4.6, ohun tí ẹ kà nìkan ni ẹ ó sọ. Pé àwọn àgbà kò fọkàn tán fóònù, pé ojú wọn kò ríran ka álááàtì dáadáa, àròsọ yín nìyẹn títí ẹ ó fi rí nǹkan kan tó tì í lẹ́yìn nínú síìtì tàbí nínú iṣẹ́ àwọn tó ṣíwájú. Ọjọ́ orí bá gbígbà á rìn. Àtẹ yìí kò sọ pé òun ló fà á.

Ní ti Èkìtì, ìjọba ìbílẹ̀ 16 ló wà níbẹ̀, ìlú mẹ́ta péré lẹ sì dé, ní ọjà tí ẹ fúnra yín yàn. "Àwọn oníṣòwò tí a bá pàdé ní ọjà mẹ́ta" ni òótọ́. Ẹ lò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ má jẹ́ kó di "àwọn oníṣòwò Èkìtì" nígbà tí ẹ bá dé ìparí orí náà.

Ìdánwò sọ pé ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò yàtọ̀ síra. Ṣé kí n yọ àtẹ yẹn?

Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ béèrè ìbéèrè yẹn ní Orí Kìíní, ìdáhùn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé èsì tí kò rí ìyàtọ̀ á mú kí a fún wọn ní máàkì kékeré, wọ́n á wá yọ ọ́ tàbí kí wọ́n máa da ẹgbẹ́ pọ̀ títí p á fi wọlẹ̀ sábẹ́ 0.05. Ìyẹn kò tọ́ rárá, olùyẹ̀wò tó bá sì ní kí ẹ mú síìtì wá á rí i.

Ní Adó, 35 nínú 44 ló ń gbà á (79.5%); ní Ìkẹ̀rẹ́, 27 nínú 36 (75.0%), ní Ọ̀yẹ́, 19 nínú 28 (67.9%). Káì-síkúwéà rẹ̀ jẹ́ 1.25 pẹ̀lú ìwọ̀n òmìnira 2, p = 0.54. Ẹ má kọ ọ́ pé "ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí bákan náà", nítorí pé ìdá wọn kò dọ́gba, olùdáhùn 28 ní Ọ̀yẹ́ sì kéré jù láti fi ìyàtọ̀ kékeré hàn. Ohun tí síìtì yín gbé ró ni: "Ìdá àwọn tó ń gba tíráńsífà wà láàárín 67.9% ní Ọ̀yẹ́ àti 79.5% ní Adó (Àtẹ 4.7), ṣùgbọ́n ìwádìí yìí kò rí ẹ̀rí tó tó pé ìlú ní í ṣe pẹ̀lú gbígbà á, χ²(2) = 1.25, p = 0.54."